Ohun Tí Ikùn Aláboyún Ń Sọ Gan-an

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ ètò wa. Èmi nìkan ni mo jókòó lónìí. Agbẹ̀bí ni mí, iṣẹ́ yẹn ni mo ń ṣe jẹun nílẹ̀ àjèjì níbí, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí n kò ní gbọ́ ọ: "Ikùn yìí ṣóńṣó, ó sì wá sísàlẹ̀, ọkùnrin ni." "Tibí fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, obìnrin ni." Àwọn tó ń sọ ọ́ kò wá láti ìlú kan náà rárá, síbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí àtọ̀ bá wọnú ẹyin obìnrin lọ́rọ̀ akọ tàbí abo ti parí. Nínú kúrómósóòmù tó ń pinnu akọ tàbí abo, ìyá kò ní nǹkan mìíràn tó lè fún ọmọ ju X lọ. Bàbá ló ń mú X tàbí Y wá: X á di obìnrin, Y á di ọkùnrin. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bínú síyàwó torí pé obìnrin nìkan ló ń bí, ẹ gbọ́ o.)

Lọ́dún 1999, àwọn olùwádìí kan ní Baltimore, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, dán ọ̀rọ̀ ikùn yìí wò lára aláboyún 104 tí kò tíì mọ ohun tí wọ́n máa bí. Ìrísí ikùn kò sọ nǹkan kan. Àmọ́ ẹni tó bá kàn méfò, á gbà á ní nǹkan bí ìdajì ìgbà. Èyí tó bá bọ́ sí i la máa ń ròyìn káàkiri; èyí tí kò bá bọ́ sí i, a máa ń fi rẹ́rìn-ín, ó tán.

Kí ló wá ń fún ikùn ní ìrísí? Nínú oyún àkọ́kọ́, iṣan iwájú ikùn ṣì le, ó ń gbá ilé ọmọ mọ́ra. Lẹ́yìn ọmọ mẹ́ta mẹ́rin, ó ti dẹ̀, ikùn á yọ síwájú. Obìnrin kúkurú kò ní àyè púpọ̀ láàárín egungun ìhà àti ìbàdí, ọmọ ò rí ibòmíràn lọ ju iwájú lọ. Bí ọmọ ṣe dùbúlẹ̀ sínú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun sì lèmi máa ń wá.

Mo tọ́jú obìnrin kan tí oyún rẹ̀ wà ní ọ̀sẹ̀ 32. Ikùn rẹ̀ fẹ̀ tọ̀tún tòsì, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti ń ra aṣọ ọmọbìnrin. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n láti egungun abẹ́ ikùn dé orí ilé ọmọ: sẹ̀ntímítà 28. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24 lọ, iye sẹ̀ntímítà àti iye ọ̀sẹ̀ kì í sábà fi ju méjì lọ síra wọn. Mẹ́rin ti pọ̀ jù. Mo fọwọ́ wá ọmọ: orí wà lápá ọ̀tún, ìdí wà lápá òsì, òkè ṣófo, ìsàlẹ̀ ṣófo. Ọmọ dábùú. Àwòrán fi hàn pé ó ń dàgbà dáadáa, ibi ọmọ kò sì dí ọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ 32, ọmọ ṣì láyè láti yí. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni kí omi já nígbà tó ṣì dábùú, kí okùn ìwọ́ ṣáájú ọmọ jáde. Mo ní bí omi bá já, kó má dúró de ìrọbí, kó pe ọkọ̀ pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ 35, orí ọmọ ti wá sísàlẹ̀. Ikùn tó fẹ̀ níjọ́sí wá gùn, ó ṣóńṣó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ó ní, "Háà, ọkùnrin nìyí!" Ọmọ kan náà o.

Nínú gbogbo àmì táwọn èèyàn ń sọ, ọ̀kan péré ló ní òótọ́ díẹ̀ nínú: pé èébì tó le koko jẹ́ àmì ọmọbìnrin. Lọ́dún 1999 kan náà, ìwádìí ní Sweden lórí àwọn tí èébì dá dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí wọ́n bí, nǹkan bí 56 ni obìnrin. Ọkùnrin 44 yẹn ṣì wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn kun yàrá ọmọ.

Wọ́n tún máa ń ní bí iyọ̀ bá ń wu aláboyún jẹ, ọkùnrin ni, bó bá jẹ́ ohun dídùn, obìnrin ni. Ohun tó ń wù ú jẹ kò lè yí ohun tó ti parí padà. Èèwọ̀ oúnjẹ lèmi ń bínú sí. Wọ́n á ní ẹyin ń sọ ọmọ inú di olè, wọ́n á tún fi ẹran kún un. Ẹni tí wọ́n gba méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí àrọ́pò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá dà púpọ̀ lọ́jọ́ ìbímọ, ara rẹ̀ kò ní ní ohun tó máa fi gbà á. Ẹyin dáa, ẹ ṣá sè é títí pupa inú rẹ̀ á fi le. Ẹ̀dọ̀ ẹran ni kẹ́ ẹ yẹra fún, fítámì A inú rẹ̀ pọ̀ jù, ó sì lè ba ìdàgbàsókè ọmọ jẹ́, pàápàá láwọn oṣù àkọ́kọ́.