Ta ló ń lùlù fún wọn? Fíìmù olórin fún ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣàdédé kọrin

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ń wo fíìmù kan. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan dúró sẹ́bàá títì, ọ̀rọ̀ ń lọ láàárín wọn, mọ́tò ń kọjá. Àfi wìì, dùùrù àti fèrè ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà na ọwọ́ méjèèjì, ó di orin. Àwọn tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ wọn náà bá a jó, gbogbo wọn sì mọ ijó náà láì kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni àbúrò mi obìnrin ti máa ń gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ta ló ń lùlù fún wọn?"

Ẹ má rò pé kò fẹ́ràn orin o. Tí wọ́n bá ń pa ààlọ́ Ìjàpá tó lá àsèjẹ tí babaláwo sè fún ìyàwó rẹ̀, tí ikùn rẹ̀ wá wú, tó ń kọrin lọ bá babaláwo, òun ló máa ń gbe "àlùgbinrin" ju ẹnikẹ́ni lọ. Kò béèrè rí pé báwo lẹni tí inú ń rún ṣe rí ohùn orin. Ìdí ni pé apààlọ́ jókòó síwájú wa. Ẹnu tó sọ ìtàn náà ló dá orin, àwa la gbè é, a mọ ibi tó ti wá. Fíìmù kò rí bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà ti fi títì gidi hàn wá, ó ti jẹ́ ká gbọ́ fèrè mọ́tò gidi. Nígbà tí dùùrù tí a kò rí bá wá dún, òfin ilé ti yí padà láìsọ fún àlejò.

Ohun kan tún wà tí etí máa ń gbọ́ kí ọkàn tó mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù olórin, inú sítúdíò ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba orin sílẹ̀, kí wọ́n tó ya àwòrán rárá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yà á, wọ́n á tan orin náà síta, òṣèré á wulẹ̀ máa mú ẹnu tẹ̀lé e. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe di orin, ohùn náà á kúrò ní títì: kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ mọ́, kò sí mímí, ohùn ti mọ́ jù. Tom Hooper gbìyànjú láti wo èyí sàn nínú Les Misérables lọ́dún 2012. Ó ní kí àwọn òṣèré kọrin lójú kámẹ́rà níbẹ̀ gan-an, ẹnì kan ń tẹ dùùrù sí wọn létí nípasẹ̀ ẹ̀rọ kékeré kan, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ohùn èlò orin tó kù sí i. Ó ṣiṣẹ́, ẹ máa gbọ́ èémí wọn. Àmọ́ kò dáhùn ìbéèrè àbúrò mi. Onílù kò sí níbẹ̀ síbẹ̀.

Ẹni tó dáhùn ìbéèrè náà dáadáa ni Bob Fosse, nínú Cabaret, lọ́dún 1972. Orí ìtàgé ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1966. John Kander ló ṣe orin, Fred Ebb ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìlú Berlin ni ìtàn náà wà, nígbà tí àwọn Násì ń gòkè bọ̀. Nínú ti orí ìtàgé, àwọn ènìyàn ń kọrin nínú ilé wọn: onílé àti ọkùnrin tó ń ta èso ń fi orin fẹ́ ara wọn. Fosse mú ọ̀bẹ, ó gé gbogbo ìyẹn kúrò. Orin èyíkéyìí tó bá máa wà, inú ilé ijó Kit Kat Klub ló gbọ́dọ̀ wà, lórí pèpéle, pẹ̀lú àwọn olórin tí a ń fojú rí. Sally Bowles, tí Liza Minnelli ṣe, akọrin ni, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni. Tó bá kúrò lórí pèpéle, ọ̀rọ̀ lásán ló ń sọ bí èmi àti ẹ̀yin. Kódà orin ìgbéyàwó tí àwọn arúgbó méjì yẹn ń kọ tẹ́lẹ̀, inú giramafóònù la ti ń gbọ́ ọ báyìí, lédè Jámánì.

Ṣùgbọ́n ìpinnu yìí ní ohun tó ná an. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè kọrin nínú yàrá, orin kò lè sọ fún wa pé "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ" mọ́. Kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀? Fosse sọ ọ́ di àsọyé lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta. Ẹ wo ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ijó náà ti ń jó ijó ìbílẹ̀ àwọn ará Bavaria, wọ́n ń gbá ara wọn létí, àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín. Fíìmù náà gé e mọ́ ìta, níbi tí àwọn Násì ti ń lu alábòójútó ilé ijó náà nílùkulù, nítorí pé ó lé ọ̀kan nínú wọn jáde. Ìgbájú kan lórí pèpéle, ẹ̀ṣẹ́ kan níta. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wa.

Ìgbà kan ṣoṣo ni orin jáde kúrò nínú ilé ijó náà. Brian, ọ̀rẹ́kùnrin Sally, àti Max, ọ̀rẹ́ wọn tó lówó, wọ inú ọgbà ọtí kan ní ìgbèríko lójú ọ̀sán. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ orin, ojú rẹ̀ nìkan la rí, ó rẹwà, ohùn rẹ̀ tutù. Orin nípa oòrùn àti igbó ni. Kámẹ́rà wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a rí yunifọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Hitler lọ́rùn rẹ̀ àti àmì wọn ní apá rẹ̀. Ọ̀kan dìde, ó gbè é. Èkejì dìde. Àgbà, ọmọdé, obìnrin, títí orin náà fi di ariwo. Bàbá arúgbó kan nìkan ló jókòó, tí inú rẹ̀ kò dùn. Brian wá bi Max, ẹni tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn á rí àwọn Násì kápá, bóyá ó ṣì rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí Fosse ṣe níbẹ̀. Àwọn ènìyàn tí kò mọ ara wọn dìde, wọ́n ń kọ orin kan náà níta gbangba: ohun tí àbúrò mi kò lè fara dà gan-an nìyẹn. Àmọ́ nísinsìnyí ó ti bá ayé mu, nítorí pé orin ẹgbẹ́ òṣèlú ni, gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà wá níbẹ̀ ni pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Fosse gba Ọ́síkà olùdarí tó dára jù fún fíìmù yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé The Godfather ló gba ti fíìmù tó dára jù lọ́dún náà.

Ọ̀nà kejì ni kí orin wà nínú orí ènìyàn. Fosse kan náà ló gbé Chicago sórí ìtàgé lọ́dún 1975, ṣùgbọ́n ọdún 2002 ni Rob Marshall tó rí ọ̀nà sọ ọ́ di fíìmù. Roxie Hart pa ọkùnrin kan, ó wà lẹ́wọ̀n, ó sì fẹ́ di ìlúmọ̀ọ́ká akọrin lójú méjèèjì. Nítorí náà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i ń di eré orí pèpéle nínú ọkàn rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, omi ń kán tó, tó, tó. Ẹnì kan ń fi ìka lu irin. Bàtà wọ́dà ń dún bọ̀. Ká tó ṣẹ́jú, ohùn wọ̀nyẹn ti di ìlù, àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n ti ń jó tángò. Ta ló ń lùlù? Omi ni.

Lars von Trier ti lo ọgbọ́n tó jọ ìyẹn lọ́dún 2000 nínú Dancer in the Dark, èyí tó le ju ti Chicago lọ. Björk ni Selma, òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ń fọ́. Bí ẹ̀rọ bá ń lù gbàgà-gbàgà, ọkàn rẹ̀ á gbé e lọ sínú orin. Ọkọ̀ ojúurin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ìyà rẹ̀ lẹ́wọ̀n ni pé ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí ohun tó máa lù fún un. Mi ò ní sọ ìparí. Ṣùgbọ́n mo kìlọ̀: fíìmù náà wúwo, kámẹ́rà rẹ̀ tó ń mì sì lè mú kí òòyì kọ́ ènìyàn lójú. Kì í ṣe ohun tí a ń wò lẹ́yìn ẹ̀bà.

Bí ẹ bá jọ àbúrò mi, Once ti John Carney, ti ọdún 2007, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ń fi gìtá kọrin ní ìgboro Dublin kí àwọn ènìyàn lè fún un lówó; Glen Hansard tó ṣe é, akọrin gidi ni. Ọmọbìnrin kan mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta dùùrù, ibi tí olówó ṣọ́ọ̀bù ti ń gbà á láàyè láti tẹ dùùrù. Ọkùnrin náà kọ́ ọ ní orin rẹ̀, ó ń sọ kọ́ọ̀dù fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú wa ni ọmọbìnrin náà ti ń mọ̀ ọ́n, èyí tí àwọn tó ń jó lójú títì níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa kò ṣe rí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin náà fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí orin kan tó wà nínú ẹ̀rọ kékeré rẹ̀, bátìrì wá kú. Ó jáde lọ ra òmíràn, ó fi ẹ̀rọ sétí, ó ń kọrin náà bọ̀ wálé nínú òkùnkùn. Gbogbo èlò orin ló ń dún, a sì mọ ibi tí wọ́n ti ń dún.

Nílé níbí, Ayinla tí Tunde Kelani gbé jáde lọ́dún 2021 tẹ̀lé ìlànà kan náà: Lateef Adedimeji ni Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà ti Abẹ́òkúta, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa béèrè ìdí tó fi ń kọrin. Àwọn kan á ní ìtàn ìgbésí ayé olórin nìyẹn, kì í ṣe fíìmù olórin. Èmi kì í bá wọn jà, mo kàn máa ń béèrè pé bí ẹ bá yọ orin náà kúrò, ṣé ìtàn náà ṣì lè rìn?

Ẹ ṣọ́ra fún fíìmù tó bá fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Á fi ọkùnrin kan pẹ̀lú gìtá hàn yín, ẹ á ní ó dáa. Nígbà tó bá fi máa dé ẹsẹ kejì, gòjé ogún ti wọlé, kò sì sẹ́ni tó dì í mú. Ẹ di ojú, kí ẹ ka èlò orin tí ẹ ń gbọ́. Ẹ la ojú, kí ẹ ka èyí tí ẹ ń rí.

Àbúrò mi wo Once parí. Kò gba rìmóòtù. Nígbà tí ọmọbìnrin náà ń lọ ra bátìrì lóru, ó kàn wò mí, ó ní, "Kí ló dé tí kò ti rà á sílẹ̀ lọ́sàn-án?"