Ta Ló Fi Òwìwí Ránṣẹ́? Ẹranko, Ojú Ọjọ́ àti Àwọ̀ nínú Macbeth

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé màá sọ̀rọ̀ lórí àwọ̀, ojú ọjọ́ àti ẹranko nínú Macbeth, eré tí Shakespeare kọ. Ẹranko ni màá kọ́kọ́ mú, torí mo mọ ara mi: ohun tí mo bá fi sẹ́yìn, aago ni yóò jẹ ẹ́.

Gbogbo wa la mọ ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fún ọmọ tí ìdánwò rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó pín ojú ewé sí méjì. Lápá òsì, "pupa". Lápá ọ̀tún, "ewu". Lápá òsì, "òwìwí". Lápá ọ̀tún, "ikú". Ọmọ há a sórí, ó rò pé òun ti ka Macbeth. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn tó ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ fa ọ̀rọ̀ yìí, wọn ò dá mi lóhùn. Bóyá owó tí wọ́n ń kà ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ẹjọ́ mi ò pọ̀. Mo ní àrokò ni àwọn nǹkan wọ̀nyí. Àmì lásán lè dá dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó ń kọjá kà á. Àrokò ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló dì í, ẹnì kan ni wọ́n dì í fún, bó bá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó lè di ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ẹ bá bá ejò pàdé nínú eré yìí, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó dárúkọ rẹ̀ àti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ejò yẹn. Apá Kìn-ín-ní, Ìran Karùn-ún: Macbeth ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ojú ogun, ọba Duncan fẹ́ wá sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó ṣe ojú bí òdòdó tí kò mọ nǹkan kan, kó sì jẹ́ ejò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ejò àkọ́kọ́ nìyẹn. Aya ló fi ránṣẹ́ sí ọkọ, ọkọ fúnra rẹ̀ sì ni ejò.

Ó di Apá Kẹta, Ìran Kejì. Macbeth ti pa Duncan, ó ti jọba, síbẹ̀ kò rí oorun sùn. Ó wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "A ṣá ejò náà lọ́gbẹ́ ni, a ò pa á." Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ejò ti kúrò lára rẹ̀. Ó ti di gbogbo ohun tó lè gba adé lórí rẹ̀. Ẹni tó ń buni ṣán ní Apá Kìn-ín-ní ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bù ṣán. Ẹni tó sì ń sọ ọ́ fún gan-an ni obìnrin tó kọ́kọ́ fi ejò ránṣẹ́ sí i. Àrokò ìyàwó ló dá padà fún un. Kò pẹ́ sí i nínú ìran kan náà, ó ní àkèekèe ló kún ọkàn òun, torí Banquo, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ogun, àti Fleance ọmọ Banquo ṣì wà láàyè. Oró náà ti wọ inú.

Nígbà tó fi máa di Ìran Kẹrin, apànìyàn tí Macbeth rán dé ibi àsè, ó ní àwọn ti pa Banquo, ṣùgbọ́n Fleance sá lọ. Kí ni Macbeth sọ? Ó ní àgbà ejò ti kú, èyí kékeré tó sá lọ kò tíì ní eyín, ṣùgbọ́n yóò ní oró lọ́jọ́ iwájú. Ọmọdé tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ló ń pè ní ejò! Ẹ bá mi wo apá ọ̀tún ìwé pẹlẹbẹ yẹn: "ejò, ẹ̀tàn". Ẹ̀tàn wo ni Fleance tan? Bí ẹ bá fi ìtumọ̀ yẹn dáhùn, ẹ ti bá Macbeth dá ọmọ náà lẹ́bi.

Mo rí i pé alága ti ń wo aago. Ẹ fún mi láyè kí n sọ ti òwìwí.

Àwa la máa ń sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Lóru tí Duncan kú, òwìwí ké. Aya Macbeth gbọ́ ọ, ó pè é ní alágogo ikú. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ jáde wá pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, tó bi í bóyá ó gbọ́ ariwo, ó ní òun gbọ́ òwìwí àti ìrẹ̀. Lówùúrọ̀, Lennox, ìjòyè kan, tún sọ pé ẹyẹ òru kan ké títí ilẹ̀ fi mọ́. Òwìwí ké, ọba kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa ọba dúró síwájú Lennox níbẹ̀, ó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹyẹ. Bí a bá tẹ̀ lé òwe wa, òwìwí la máa bá wí. Eré yìí fi apànìyàn hàn wá lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyẹn mú mi dé ojú ọjọ́. Nǹkan bí ọdún 1606 ni wọ́n kọ eré yìí, ọ̀sán gangan sì ni wọ́n máa ń ṣe eré ní Globe, ilé eré kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ ojú sánmà. Ẹni tó bá fẹ́ òkùnkùn, ẹnu ni yóò fi dá a. Wọ́n lè lu ìró àrá lẹ́yìn ìtàgé lóòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ojú ọjọ́ inú eré náà, ẹnì kan ló sọ ọ́ fún wa. Lennox tún ní ìjì wó òpó èéfín ilé àwọn, ẹkún wà lójú òfuurufú, àwọn kan sì ní ilẹ̀ mì. Macbeth fèsì pé, "Òru tó le ni." Gbólóhùn kan péré! Ọkùnrin tó lè fi ogún ìlà sọ̀rọ̀ nípa ọ̀bẹ tí kò sí níbẹ̀.

Ìwé pẹlẹbẹ ní ojú ọjọ́ búburú dúró fún ibi. Kí wá ni ká ṣe sí Apá Kìn-ín-ní, Ìran Kẹfà? Duncan dé ẹnu ilé tí yóò kú sí, ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ dára. Banquo tọ́ka sí ìtẹ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lára ògiri, ó ní ibi tí ẹyẹ yìí bá ń pa mọ sí, atẹ́gùn ibẹ̀ máa ń tura. Ojú ọjọ́ ò dára tó bẹ́ẹ̀ níbòmíràn nínú eré náà. Ìran kan ṣáájú rẹ̀, lórí ilé kan náà, aya Macbeth ti gbọ́ ẹyẹ ìwò tó há lóhùn tó ń kéde ikú Duncan. Ilé kan, ẹyẹ méjì. Ohun tó wà nínú olúkúlùkù ló gbọ́.

Banquo tún padà sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Apá Kẹta. Ó ní, "Òjò yóò rọ̀ lálẹ́ yìí." Apànìyàn dáhùn láti inú òkùnkùn pé, "Jẹ́ kó rọ̀!" Wọ́n sì bò ó. Òjò tí Banquo ń sọ, omi ni.

Ibí yìí ni olùkọ́ kan lẹ́yìn ti nawọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìdánwò ni yóò bi mí. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ká máa bèèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bàbá àgbàlagbà inú Apá Kejì, Ìran Kẹrin ńkọ́? Kò lórúkọ, kò ṣe nǹkan kan, a ò sì rí i mọ́. Ta ló fi òun ránṣẹ́?"

Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo pa ìwé tó wà lọ́wọ́ mi dé, torí ìbéèrè yẹn dára ju ohun tó kù nínú rẹ̀ lọ.

Bàbá náà ní òun rántí àádọ́rin ọdún, òun ò rí irú òru yẹn rí. Ó ní lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, òwìwí tó ń pa eku jẹ gbá àṣá mú lókè tó ga jù lọ, ó sì pa á. Shakespeare kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ó wà nínú ìwé ìtàn Holinshed, tó jáde ní 1577 àti lẹ́ẹ̀kejì ní 1587, níbi ikú ọba mìíràn ní Sìkọ́tílándì, ọba Duff. Nínú ìwé yẹn, àṣá kékeré kan ni òwìwí fún lọ́rùn pa. Shakespeare sọ ọ́ di àṣá ńlá tí àwọn ọlọ́lá fi ń ṣọdẹ, ó gbé e sókè kí ìṣubú rẹ̀ lè dun ni. Ọ̀rọ̀ "fún lọ́rùn" náà kò sọnù: ó gbé e fún òkùnkùn, tó fún oòrùn lọ́rùn ní ọ̀sán.

Ta wá ni bàbá yìí ń bá sọ̀rọ̀? Ross, ìjòyè ààfin. Ẹ fojú inú wò ó. Arúgbó lásán ò lè kojú ìjòyè kó ní, "Ọmọ abẹ́ ló pa ọba." Ẹyẹ ló lè sọ. Ross gbọ́ àrokò náà, ó sì fi tirẹ̀ dá a lóhùn: àwọn ẹṣin Duncan já kúrò ní ìso, wọ́n kọ àṣẹ, bí ẹni tó fẹ́ gbógun ti ọmọ ènìyàn. Bàbá ní wọ́n ní wọ́n jẹ ara wọn. Ross ní ojú òun ló ṣe. Lẹ́yìn náà Macduff, ìjòyè mìíràn, wọlé. Ross bi í bóyá wọ́n ti mọ ẹni tó ṣe é, Macduff ní, "Àwọn tí Macbeth pa," ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba. Nígbà tí ẹranko wà lẹ́nu wọn, òtítọ́ ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ènìyàn, wọ́n sọ ohun tí ààfin fẹ́ gbọ́. Macduff ò sì ní lọ wo ìwúyè Macbeth ní Scone o, ilé rẹ̀ ní Fife ló kọrí sí.

Àwọ̀ ló kù, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún mi, kí n sáré.

Funfun. Aya Macbeth kan ẹ̀jẹ̀ tán, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ọwọ́ mi ti ní àwọ̀ tìrẹ báyìí, ṣùgbọ́n ojú yóò tì mí bí mo bá ní ọkàn tó funfun bẹ́ẹ̀." Yorùbá tó gbọ́ ọkàn funfun, ìyìn ló máa rò. Èébú ni. Ojo ló ń pè é. Ní Apá Karùn-ún, ọkọ kó èébú yẹn fún ọmọ ọ̀dọ̀ kan tí ẹ̀rù bà: ó ní ojú rẹ̀ funfun bí ọ̀rá wàrà. Góòlù náà, ẹnu ìyàwó ló ti yá a. Obìnrin náà ní òun yóò fi ẹ̀jẹ̀ kun ojú àwọn ẹ̀ṣọ́ bíi góòlù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Macbeth ṣàpèjúwe òkú ọba fún èrò pé ẹ̀jẹ̀ góòlù ló ṣe ọnà sí awọ ara fàdákà. Bí ejò, bí funfun, bí góòlù, ọ̀rọ̀ ìyàwó ló ń ná káàkiri.

Pupa ni ìyàwó fi parí, kò sì rí ẹni tí yóò fi í ránṣẹ́ sí. Ó ń rìn lójú oorun, ó ń fọ ọwọ́, ó ń bá àbàwọ́n kan wí pé kó kúrò. Dókítà àti obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ń wo ọwọ́ náà, wọn ò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Dókítà ní òun yóò kọ gbogbo ohun tó bá sọ sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó sì mọ ohun tó gbọ́. Ó kí wọn pé ó di àárọ̀, ó ní, "Mo ní in lọ́kàn, n kò gbọdọ̀ sọ ọ́."