Àgbàdo Íbírídì: Ohun Tí Ọmọ Rẹ̀ Kò Lè Fi Hàn Wá

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn àgbẹ̀ sọ ní Kétu nìyí, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Mo tún un kọ kí àwọn tí kò ráyè wá lè rí i kà.

Bàbá kan tó wá láti ọ̀nà Ìdígní ló ti fún mi níṣẹ́ ṣe kí n tó jókòó. Ó gbé ọmọ àgbàdo mẹ́ta dání, ó fi háhá wọn so wọ́n pọ̀ bí a ṣe máa ń so irúgbìn kọ́ sórí àjà ìdáná. Èéfín ti mú kí háhá náà dúdú. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tóbi, wóró tò sára rẹ̀ títí dé ṣóńṣó, kò sí ibi tó fo. Ó ní, "Olùkọ́, ẹ wo irúgbìn. Kí ló burú nínú èyí?"

Ìtàn rẹ̀ kò pẹ́ sọ. Ó ra àgbàdo íbírídì, ìyẹn èyí tí wọ́n pa ìdílé àgbàdo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ ṣe. Wọ́n kọ F1, ìyẹn ìran kìíní, sára àpò rẹ̀, oògùn pupa sì bo wóró rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó fi gbìn ín, ó kó àpò mẹ́wàá. Inú rẹ̀ dùn, ó ṣa àwọn ọmọ tó dára jù, ó fi wọ́n pamọ́ gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ kan náà, ajílẹ̀ kan náà, òjò sì rọ̀ dáadáa. Àpò mẹ́fà ló rí. Ó ní oko náà dà bí orí ẹni tí onígbàjámọ̀ fá dé ìdajì tó sá lọ: òmíràn ga ju èèyàn lọ, òmíràn kò kọjá àyà, òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ irun nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbẹ. Ó dá a lójú pé àwọn tó tà á fún un ti fi nǹkan sí i kí àgbẹ̀ lè máa padà wá rà.

Mo ti gbọ́ ẹ̀sùn yìí ní ibi púpọ̀, kò sì yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ṣé irúgbìn bàbá kọ̀ láti hù ni? Ó hù dáadáa. Oògùn pupa yẹn, nítorí kòkòrò àti èbu inú ilẹ̀ ni. Ara wóró tí ẹ gbìn ló mọ, kì í bá àgbàdo dé orí ọmọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe íbírídì gan-an. Kódà ẹni tó ń ṣe é kò lè yọ ọ́ kúrò.

Gbogbo wa mọ̀ pé akọ àgbàdo wà lókè, níbi ìrùkẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀, abo rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí irun ti ń yọ. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti orí ìrùkẹ̀rẹ̀ wá sórí irun. Irun kan, wóró kan. Nínú oko, igi kan kì í sábà gbà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò ló ti ń gbà jù.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jọ́ọ̀jì Ṣọ́ọ̀lù dí afẹ́fẹ́ yìí lọ́wọ́. Ó fi àpò bo irun, ó mú lẹ́búlẹ́bú igi kan dà sórí irun igi kan náà, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran. Àgbàdo náà ń rán sí i. Igi rẹ̀ kúrú, ọmọ rẹ̀ kéré. Àmọ́ gbogbo igi tó wá láti ìdílé kan jọ ara wọn bí ẹni pé ẹnì kan ló gbẹ́ wọn. Nígbà tó wá mú ìdílé méjì tó ti rán báyìí, tó da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì, àgbàdo tó hù níbẹ̀ dìde gìrìgìrì. Ọdún 1908 ló gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, orí rẹ̀ sì ni gbogbo òwò íbírídì dúró lé títí dòní.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí kò yàtọ̀ púpọ̀. Wọ́n á gbin ìdílé ìyá ní ìlà mẹ́rin, ìdílé bàbá ní ìlà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ìrùkẹ̀rẹ̀ ìyá tó tú, àwọn òṣìṣẹ́ á wọ inú ìlà, wọ́n á fà á yọ lórí igi kọ̀ọ̀kan. Wóró tó bá so lára ìyá ni F1. Ìyá yẹn sì ti rán, wóró rẹ̀ kò pọ̀. Ìdí kan nìyẹn tí irúgbìn náà fi wọ́n.

Kí ló dé tí ọmọ àwọn aláìlera méjì fi le? Ẹ jẹ́ kí n lo aṣọ. Ká ní ẹ ní aṣọ méjì tó ti lu. Ọ̀kan ní ihò ní èjìká, èkejì ní ihò ní ìdí. Bí ẹ bá fi ọ̀kan lé ọ̀kan wọ̀, ara yín bò. Àbùdá tí àgbàdo jogún rí bẹ́ẹ̀. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, wóró gba ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ ìyá, ó gba ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ bàbá. Ibi tí ti ìyá bá ti lu, ti bàbá máa ń bò ó. Igi F1 wọ aṣọ méjèèjì. Nítorí pé ìdílé méjèèjì ti dọ́gba látòkè délẹ̀, gbogbo igi F1 inú oko yín wọ aṣọ kan náà: ìbejì ni gbogbo wọn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ bàbá wà. Nígbà tí F1 bá yọ irun nínú oko yín, ta ni yóò fún un ní lẹ́búlẹ́bú? Ìbejì rẹ̀ ni. Nítorí náà, bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ ń fẹ́, ó dà bí ìgbà tí igi kan fún ara rẹ̀ ni.

Mo ní kí ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà yá mi ní igbá kan. A ka ẹ̀wà funfun àádọ́ta àti pupa àádọ́ta sínú rẹ̀. Funfun jẹ́ ẹ̀dà ti ìyá, pupa jẹ́ ti bàbá. Mo ní kí ìyá di ojú, kó máa mú méjì-méjì, kó sì máa dá wọn padà. Ó mú un ní ìgbà mẹ́rìndínlógún. Mẹ́jọ jẹ́ pupa kan funfun kan, márùn-ún jẹ́ pupa méjì, mẹ́ta jẹ́ funfun méjì. Bí a bá ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú, á máa sún mọ́ ìdajì fún àwọn tó pa méjì pọ̀, ìdá mẹ́rin kọ̀ọ̀kan fún àwọn yòókù. Nínú F1, gbogbo ibi tí ìdílé méjèèjì ti yàtọ̀ ló ní pupa kan àti funfun kan. Nínú wóró tí a ká, ìdajì péré ló ṣẹ́kù. Ní ìdajì yòókù, aṣọ kan náà ni wóró wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì; bí aṣọ náà bá sì ti lu níbẹ̀, ihò ti pàdé ihò. Ibi tí ó ti pàdé yàtọ̀ láti wóró dé wóró, ìdí nìyẹn tí oko fi rí jágbajàgba.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ká fi í ṣe àpẹẹrẹ pé ìdílé ìyá, bí a bá gbin òun nìkan, á mú àpò 10 wá lórí hẹ́kítà kan, ti bàbá á mú 14. Àárín wọn jẹ́ 12. F1 wọn mú 48 wá. Èrè tí àpapọ̀ mú wá jẹ́ 36. Ìdajì rẹ̀ ló máa lọ nígbà tí a bá tún un gbìn, ìyẹn 18, a ó sì rí àpò 30. Ẹ fi í wé ti bàbá Ìdígní: láti mẹ́wàá sí mẹ́fà. Kò jìnnà síra. Bí ó bá jẹ́ pé ìdílé mẹ́ta ni wọ́n pa pọ̀ ṣe íbírídì náà, tí èrè sì jẹ́ 36 bákan náà, ìdá kan nínú mẹ́ta ni yóò lọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi máa ní òun tún un gbìn, kò burú tó bẹ́ẹ̀, tí ẹlòmíràn á ní oko òun bàjẹ́. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn.

Bàbá wá béèrè ohun tó ń dun ún jù: "Àṣàyàn tí mo ṣe ńkọ́?" Mo ní kó wo ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀ dáadáa. Àgbàdo funfun ni, ṣùgbọ́n wóró mélòó kan pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lára rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní aládùúgbò òun ló gbin pupa. Lóòótọ́ ni. Àwọn wóró yẹn ní bàbá tiwọn. Ara ìyá ni ṣuku, ara ìyá ni háhá. Gígùn ọmọ àti ìlà wóró rẹ̀, agbára ìyá ló fi hàn. Wóró ni ọmọ tí ìyá yẹn bí, ohun tó sì wà nínú wóró kò hàn sójú, àyàfi àwọ̀ bí irú èyí. Nígbà tí gbogbo ìyá sì jẹ́ ìbejì, ọmọ àgbàdo tó tóbi jù kò sọ nǹkan kan fún wa ju pé igi rẹ̀ bọ́ sí ibi tí ajílẹ̀ tàbí ìgbẹ́ ewúrẹ́ pọ̀ sí. Ọgbọ́n tí àwọn bàbá wa fi ń ṣa irúgbìn dára fún àgbàdo ìbílẹ̀ tí igi rẹ̀ kò jọra. Nínú F1 kò rí ohun tó máa ṣà.

Ẹnì kan ní ẹ̀yìn béèrè pé ṣé bó ṣe máa ń já sílẹ̀ lọ́dọọdún nìyẹn, títí tí kò fi ní so mọ́. Rárá. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀. Ìṣubú ńlá yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni. Igi ìran kejì kì í ṣe ìbejì mọ́, wọ́n ń fún ara wọn ní lẹ́búlẹ́bú, nítorí náà ìdajì tó ṣẹ́kù máa ń dúró síbi tó wà. Ohun tó tún lè bà á jẹ́ ni kéèyàn mú irúgbìn láti ara ọmọ mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, torí ẹbí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹbí.

Ṣé kí a máa ra F1 lọ́dọọdún nígbà náà? Ẹ ṣírò rẹ̀. Irúgbìn bíi kílò 20 ló tó hẹ́kítà kan. Bí ẹ bá ń fi ajílẹ̀ sí i, tí àpò 18 sì wà nínú ewu, owó irúgbìn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tó ti gbó, láìsí ajílẹ̀, F1 fúnra rẹ̀ lè má ju àpò 20 lọ. Èmi kò ní gba ẹni tó wà nírú ipò yẹn níyànjú pé kó rà á. Irú bíi DMR-ESR-W tàbí EVDT 97 STR, tí kì í ṣe íbírídì, ló yẹ ẹ́. Ìyẹn ni a lè ṣà fún bí ọdún mẹ́ta kí a tó tún un rà: ẹ lọ sí àárín oko, kó jìnnà tó igba mítà sí àgbàdo ẹlòmíràn bí àyè bá wà, ẹ sàmì sí igi tó dára nígbà tó ṣì tutù, ẹ sì mú ọmọ kan lára igi kọ̀ọ̀kan títí á fi pé igba.

Bàbá ní òun ṣì ní igbá kan irúgbìn ìran kejì nílé, òjò sì ti fẹ́ dé. Mo ní bí kò bá sí owó, kó gbìn ín, kó má ná owó ajílẹ̀ tí ó ná sórí F1 lé e, kó sì fi ojú sí ọjọ́ tí ìrùkẹ̀rẹ̀ máa yọ. F1 máa ń yọ ọ́ pọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí tirẹ̀ bá gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó parí, á mọ̀ pé ẹ̀wà inú igbá ló ń wò.