Bí Ìfowópamọ́ Bá Lọ Sókè: Ohun Tí Àlàyé Solow Sọ àti Ohun Tí Kò Sọ

Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ dáhùn. Bí àwọn ará orílẹ̀-èdè kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó pamọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣé ọrọ̀ ajé wọn á máa sáré dàgbà títí lọ ni? Robert Solow, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, dáhùn rẹ̀ lọ́dún 1956: wọn á lówó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ eré náà á padà rọlẹ̀. Ká wá wo ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká pe ohun èlò iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan ní k, ká pe ohun tó ń mú jáde lọ́dún ní y. Ká ní y jẹ́ √k. Ẹni tó ní ẹyọ ohun èlò 4 á mú 2 jáde; ẹni tó ní 9 á mú 3 jáde. Ohun èlò ju ìlọ́po méjì lọ, èso kò tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀: ohun èlò tó kọ́kọ́ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ wúlò ju èyí tó dé kẹ́yìn lọ.

Nínú èso yìí, wọ́n ń fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún pamọ́, ohun tí wọ́n sì fi pamọ́ ló ń di ohun èlò tuntun. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ohun èlò ń gbó dànù. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ń fi ìdá 2 pọ̀ sí i, ẹni tuntun sì gbọ́dọ̀ rí ohun èlò tirẹ̀ gbà kí ìpín àwọn tó kù má bàa dín. Èyí já sí ìdá 10 tí wọ́n gbọ́dọ̀ dí kí k tó lè dúró síbi tó wà. Ẹ jẹ́ ká pe ìdá tí wọ́n ń fi pamọ́ ní s, ìdá tí òṣìṣẹ́ fi ń pọ̀ sí i ní n, ìdá ohun èlò tó ń gbó ní δ, ká sì pe bí k ṣe yí padà láàárín ọdún kan ní Δk:

```
Δk = s√k − (n + δ)k
```

Níbi tí k ti jẹ́ 1, ohun tí wọ́n fi pamọ́ jẹ́ 0.2, ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ dí jẹ́ 0.1, nítorí náà k á gòkè. Níbi tó ti jẹ́ 9, wọ́n fi 0.6 pamọ́, ihò tó yẹ kí wọ́n dí sì jẹ́ 0.9, k á rẹlẹ̀. Ní 4, 0.4 pàdé 0.4. Ipò ìdúró nìyẹn, ibi yòówù kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rò pé gbogbo nǹkan ló dúró o: ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan ló dúró, àpapọ̀ èso ṣì ń fi ìdá 2 dàgbà bí òṣìṣẹ́ ṣe ń pọ̀.

Wàyí o, ìfowópamọ́ gòkè sí ìdá 30. Lọ́jọ́ náà gan-an, èso kò kúrò ní 2, nítorí ohun èlò kò tíì pọ̀. Ohun tó yí padà ni pé wọ́n ń ná 1.4 dípò 1.6. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ di 0.6, ihò ṣì jẹ́ 0.4, k sì di 4.2 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Èso òṣìṣẹ́ kan fi nǹkan bí ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Àmọ́ bí k ṣe ń pọ̀ ni ihò náà ń fẹ̀, èso kò sì lè bá a sáré. Ìgbà tí k bá dé 9, ìfowópamọ́ á jẹ́ 0.9, ihò á jẹ́ 0.9, ìdàgbàsókè ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì padà di òdo. Kì í ṣe ìrìn ọjọ́ kan: bí ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n á fi rin ìdajì ọ̀nà tí èso fẹ́ rìn láti 2 sí 3.

Ta ló jẹ ìyà, ta ló sì jẹ èrè? Ó tó bí ọdún méje kí ohun tí wọ́n ń ná tó kọjá 1.6 tí wọ́n ń ná tẹ́lẹ̀. Níkẹyìn á di 2.1. Ẹni tó ti dàgbà nígbà tí wọ́n ṣe ìyípadà lè má jẹ nínú rẹ̀ rárá, àlàyé Solow kò sì sọ bóyá ó tọ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìfowópamọ́ sì lè pọ̀ jù. Ní ìdá 50, k á dúró sí 25, wọ́n á máa ná 2.5, kò sí ibi tí ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìdá 70, k á di 49, èso á di 7, ṣùgbọ́n 2.1 ni wọ́n á máa ná, iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń fi ìdá 30 pamọ́. Làálàá tó kù, títún ohun èlò tó gbó ṣe àti rírà fún ẹni tuntun ló ń gbà á.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń yàwòrán èyí ni pé ó máa ń gbé ìlà èso, √k, sókè. Ìlà ìfowópamọ́, s√k, nìkan ló ń gbéra. √k kò yẹ̀. Bí àwòrán yín bá fi hàn pé èso fò sókè lọ́jọ́ tí ìfowópamọ́ pọ̀, ìlà tí kò yẹ lẹ ti gbé.