Ìdí Tí Àmì Ẹyọ Ìwọ̀n Kì í Fi Gba Àfikún Lẹ́tà s

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùwòran wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọ̀nà méjì tí mo gbà kọ ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì kan síwájú yín yìí. Ní apá òsì, mo kọ 50 kg. Ní apá ọ̀tún, mo kọ 50 kgs. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kọ èyí tó wà ní apá ọ̀tún, nítorí wọ́n ti kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé bí nǹkan bá ti ju ẹyọ kan lọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa fi lẹ́tà s sí ìdí orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, apá òsì nìkan ló tọ̀nà, yálà àpò náà jẹ́ ẹyọ kan tàbí ẹgbẹ̀rún, yálà Gẹ̀ẹ́sì ni a ń kọ tàbí Faransé tàbí Yorùbá.

Ohun tó fà á ni pé kg kì í ṣe àgékúrú ọ̀rọ̀. Àgékúrú ọ̀rọ̀ jẹ́ ti èdè tí a ti gé e, ẹni tó ń kọ̀wé ló sì ni àṣẹ lórí rẹ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń kọ «àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ» ní kúkúrú: ẹnìkan á kọ abbl., ẹlòmíràn á fi àmì ìdánudúró sí àárín lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kò sì sí òǹkàwé tí yóò ṣì wọ́n gbọ́. Bí àgékúrú bá wá láti inú èdè tó ń fi àfikún hàn pé nǹkan pọ̀, ó lè gba àfikún náà, nítorí ọ̀rọ̀ ṣì ni, ó kàn kúrú ni. Àmì ẹyọ ìwọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ìlànà ètò òṣùwọ̀n àgbáyé, èyí tí a mọ̀ sí SI, sọ ọ́ ní tààrà pé àwọn àmì wọ̀nyí jẹ́ ohun ìṣirò, wọn kì í ṣe àgékúrú, àti pé nítorí náà a kò gbọdọ̀ sọ wọ́n di ọ̀pọ̀. Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n wà pẹ̀lú àmì ìròpọ̀ àti lẹ́tà x tí a ń lò nínú ìṣirò áljẹ́bírà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí gbólóhùn yẹn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí a bá kọ 50 kg, ohun tí a kọ ni ìsọdipúpọ̀:

50 kg = 50 × kg

Àlàfo kékeré tó wà láàárín nọ́ńbà àti àmì náà ló dúró fún ìlọ́po. Ẹyọ kan ni kg, ìyẹn ìwúwo kílógíráàmù kan ṣoṣo, a sì mú ẹyọ náà ní ọ̀nà àádọ́ta. Pípọ̀ tó pọ̀ wà lára 50, kò sí lára kg rárá. Bí a bá kọ 3x nínú áljẹ́bírà, kò sẹ́ni tó jẹ́ kọ 3xs nítorí pé x náà di mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí àwa tí ń sọ Yorùbá, nítorí bí a bá sọ pé ewúrẹ́ mẹ́ta, nọ́ńbà ló ń sọ iye, ewúrẹ́ kò yí padà.

Ẹnìkan lè sọ pé, ó dára, àṣìṣe ni, ṣùgbọ́n kí ló lè bàjẹ́ níbẹ̀? Ẹni tó bá ka 50 kgs yóò ṣáà mọ ohun tí a ní lọ́kàn. Òótọ́ ni fún ti kg. Ṣùgbọ́n s fúnra rẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà lásán nínú ètò yìí: òun ni àmì ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó bá fi s kún ìdí àmì mìíràn ti mú ẹyọ ìwọ̀n mìíràn wọ inú ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi eré sísá ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, nínú ìdíje àgbáyé tó wáyé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Tóbi Amúsàn ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde sá eré fífo ìdènà ti àwọn obìnrin, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 100 m, ó sì parí rẹ̀ ní 12.12 s. Iye yẹn ni ó di àkọsílẹ̀ tuntun fún gbogbo ayé. Bí a bá fẹ́ mọ bí ó ṣe yára tó, a ó pín gígùn ọ̀nà sí iye àkókò:

100 m ÷ 12.12 s = 8.25 m/s

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe nọ́ńbà nìkan ni a pín. A pín m náà sí s, ibẹ̀ sì ni m/s ti jáde. Bí a bá tún fẹ́ mọ iye kìlómítà tí ìyára yẹn jẹ́ ní wákàtí kan, a ó sọ ọ́ di púpọ̀ báyìí:

8.25 m/s × (1 km ÷ 1000 m) × (3600 s ÷ 1 h) = 29.7 km/h

Níhìn-ín, m tó wà lókè pa m tó wà nísàlẹ̀ rẹ́, s pa s rẹ́, km àti h nìkan ló ṣẹ́kù. Ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ẹnjiníà fi ń mọ̀ bóyá ìṣirò wọn tọ́: bí ẹyọ tó ṣẹ́kù kì í bá ṣe èyí tí wọ́n ń wá, wọ́n mọ̀ pé àṣìṣe ti wọlé níbìkan kí wọ́n tó wo nọ́ńbà rárá.

Wàyí o, ká ní akọ̀wé kan rò pé ọgọ́rùn-ún mítà ti pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, ó wá kọ 100 ms. Nínú ètò SI, ms ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Lẹ́tà m tó ṣáájú dúró fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, s sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá. Nítorí náà, 100 ms jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, àkókò tí kò tó ká fi ṣẹ́jú tán. Bí a bá pín in sí 12.12 s, s yóò pa s rẹ́, ohun tí yóò kù ni 0.00825, nọ́ńbà kan tí kò ní ẹyọ kankan lára, tí kì í ṣe ìyára ohunkóhun. Lẹ́tà kan péré ló sọ gígùn pápá di àkókò.

Ẹ̀rí mìíràn wà nílé ọ̀pọ̀ nínú yín. Bí ẹ bá ní bátìrì ínfátà, ẹ wo ara rẹ̀, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ 200 Ah síbẹ̀. Lẹ́tà A ni àmì ámpíà, tó ń sọ bí iná ṣe ń ṣàn tó; h ni àmì wákàtí. Bí wọ́n ṣe tò wọ́n pọ̀ yẹn, ìlọ́po ni: ámpíà lọ́nà wákàtí. Ìlànà tó péye ní kí a fi àlàfo tàbí àmì tó-tó sáàárín àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe bátìrì sábà máa ń so wọ́n pọ̀. Bí ọ̀ràn bá rí báyìí, kí ni òǹkàwé yóò fi 10 As pè? Bí akọ̀wé bá ní ámpíà mẹ́wàá lọ́kàn, tó fi s kún un kí ó lè di ọ̀pọ̀, òǹkàwé tó mọ ìlànà yóò kà á sí ámpíà lọ́nà ìṣẹ́jú àáyá. Bí iná ṣe ń ṣàn tó ni ti àkọ́kọ́. Àpapọ̀ iná tó ti kọjá ni ti ìkejì. Àwọn méjèèjì ló jẹ́ ìwọ̀n gidi tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, wákàtí kan sì ni 3600 s, tó fi jẹ́ pé 200 Ah dọ́gba pẹ̀lú 720 000 As. Kò sí ohunkóhun nínú lẹ́tà náà tí yóò jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé s ti gírámà ni, kì í ṣe s ti àkókò.

Ìbéèrè tó kù ni ta ló fìdí àwọn àmì wọ̀nyí múlẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1875, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún fọwọ́ sí Àdéhùn Mítà ní Párìsì, wọ́n sì gbà láti máa pàdé nínú àpérò gbogbogbò lórí ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n. Àpérò kẹsàn-án, tó wáyé ní ọdún 1948, ló gbé ìlànà kíkọ àmì kalẹ̀: lẹ́tà kékeré ni kí a máa lò, àyàfi tí orúkọ ẹyọ náà bá ti ara orúkọ ènìyàn wá, bíi A láti ara Ámpíà ará Faransé, tàbí K láti ara Kẹ́lífìn, a kò sì gbọdọ̀ fi àmì ìdánudúró tẹ̀lé e, àfi tó bá jẹ́ pé òun ló parí gbólóhùn. Kókó yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ìwé lásán. Nílé ìwòsàn, bí a bá fi ọwọ́ kọ mg tí a wá fi àmì ìdánudúró sí i, àmì náà lè dà bíi nọ́ńbà 1 lójú ẹni tí yóò po oògùn.

Nítorí pé kò sí èdè kankan tó ni àmì náà, kò lè gba gírámà èdè kankan. Àwọn ará Ítálì a máa pe mítà kan ní «metro», wọ́n á sì pe méjì ní «metri». Gẹ̀ẹ́sì á fi s sí i. Àwa kò ní fi nǹkan kan sí i. Bí a bá gba oníkálukú láàyè láti fi àfikún tirẹ̀ sí ìdí m, àmì kan yóò di mẹ́ta. Bí ó ti wà yìí, àpò ìrẹsì tí wọ́n kọ 50 kg sí lára ní Kútọnu kò nílò ògbufọ̀ tó bá dé Èkó. Orúkọ ẹyọ náà, tí a kọ ní kíkún, ọ̀rọ̀ ni ní tirẹ̀, ó sì lè tẹ̀lé gírámà èdè rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì lè kọ «kilograms», ẹnikẹ́ni kò ní bá a wí.

Pé àmì dúró gbọn-in kò túmọ̀ sí pé kò lè yí padà láéláé. Láti ọdún 1879 ni lẹ́tà kékeré l ti jẹ́ àmì lítà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa nínú ọ̀pọ̀ ìwé títẹ̀: 1 l. Èwo ni nọ́ńbà, èwo ni lẹ́tà? Nítorí ewu yìí, àpérò kẹrìndínlógún, ní ọdún 1979, fọwọ́ sí i pé kí a lè máa lo L ńlá pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ènìyàn tí a fi orúkọ rẹ̀ pe lítà. Wọ́n ní lọ́jọ́ iwájú, ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn méjèèjì ni ó yẹ kó kù. Títí di òní, àwọn méjèèjì ṣì wà nínú ìwé ìlànà, ẹ sì lè kọ 5 l tàbí 5 L sára kẹ́ẹ̀gì epo yín, ṣùgbọ́n 5 ltrs kò sí nínú ìwé náà.