Ìwé Tí Ẹni Tí Kò Sí Níjokòó Yóò Kà

Bí ìpàdé bá ti tú, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé ká fi síláìdì ránṣẹ́ sórí WhatsApp fún àwọn tí kò wá. Kò tó wọn rárá. Ẹnu ẹni tó sọ̀rọ̀ ni ìdajì ọ̀rọ̀ náà wà, ẹnu kì í sì í bá fáìlì lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan. Síláìdì rẹ̀ kan ní àkọlé "Ẹ̀yáwó 2024". Àwòrán ọ̀pá méjìlá ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún owó tí wọ́n yá jáde ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ti oṣù Kẹsàn-án sì ga ju gbogbo wọn lọ. Ó fẹnu ṣàlàyé pé owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ló fà á, àti pé ọ̀pọ̀ owó náà ti wọlé padà kí ọdún tó parí. Ọkàn àwọn tó wà níjokòó balẹ̀. Ẹni tó wà nílé rí ọ̀pá gíga yẹn, ó ní wọ́n ti ń kó owó ẹgbẹ́ jẹ.

Àkọlé ni kí akápò yìí kọ́kọ́ tún ṣe. Kó kọ ohun tí àwòrán náà ń sọ ní odidi gbólóhùn: "Owó ilé-ìwé ló gbé ẹ̀yáwó sókè ní oṣù Kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wọlé padà." Lẹ́yìn náà, kó kọ àlàyé tó fẹnu ṣe sínú àyè Notes tó wà lábẹ́ síláìdì nínú PowerPoint, lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó gbàgbé. Tó bá ń sọ ọ́ di PDF, kó ṣí Options, kó sì yan Notes pages níbi Publish what. Bí kò bá yàn án, síláìdì nìkan ni yóò jáde. Síláìdì tí nǹkan ti ń yọ lórí ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan náà ń fẹ́ àmójútó, torí inú PDF, ńṣe ni wọn yóò bo ara wọn mọ́lẹ̀. Kó pín in sí méjì tàbí mẹ́ta.

Ìbéèrè tí wọ́n bi í ńkọ́? Ẹnì kan béèrè ẹni tó ṣe onígbọ̀wọ́ fún àwọn tí kò tíì san. Abẹ́ àwòrán ẹ̀yáwó ni ìdáhùn yẹn ti wúlò, kò yẹ kó wà lójú ìwé ìkẹyìn tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí dé. Àmọ́ bí ó bá dárúkọ àwọn ajigbèsè nínú yàrá, kó yọ orúkọ wọn kúrò: ìwé tó bá ti bọ́ sórí WhatsApp, kò sẹ́ni tó lè darí ibi tó máa dé mọ́.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni kó kọ gbẹ̀yìn. Ọjọ́ ìpàdé, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹni tí kò wá ṣe, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ ti ṣe é: ìyẹn nìkan ti tó.

Kó tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́, kó fún ẹnì kan tí kò wá kà, kó má sì ṣàlàyé ohunkóhun fún un. Kó wá bi í pé, "Kí la fẹnu kò sí? Kí lẹ máa ṣe báyìí?" Ibi tí onítọ̀hún kò bá ti lè dáhùn, gbólóhùn kan ló yẹ kí akápò fi kún un níbẹ̀.