Aago Tòróńtò Já Mi Kulẹ̀: Oníbàárà Mẹ́ta Nínú Ọ̀sẹ̀ Kan

BÙNMI: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bọ̀dá Wálé, mo mọ̀ pé a ti ní ká sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní oníbàárà púpọ̀ ṣe ń pín ọ̀sẹ̀ rẹ̀. A máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

WÁLÉ: Ọ̀rọ̀ Tòróńtò yẹn kò tíì tán?

BÙNMI: Kò tíì tán, sà! Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo ti ń bá oníbàárà mi tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Tòróńtò sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10 àárọ̀ tiwọn, aago 3 ọ̀sán tiwa ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo wá fi ìpè ti ilé ìwé Èkó, oníbàárà mi kejì, sí aago 2. Mo ní tí mo bá bá Èkó parí, mo á mu omi, mo á na ẹsẹ̀, mo á bọ́ sí Tòróńtò. Bí mo ṣe ń bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, fóònù mi wà ní yàrá kejì, mo ti pa ohùn rẹ̀ láti àárọ̀ nítorí iṣẹ́ àfọkànṣe. Ìgbà tí mo fi máa gbé e, aago 2 ti kọjá ìṣẹ́jú 45. Tòróńtò ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọkọ, ìyàwó, ẹni tó ń ṣírò owó ṣọ́ọ̀bù wọn, gbogbo wọn jókòó síbẹ̀, wọ́n ń retí mi.

WÁLÉ: Tòróńtò ti yí aago.

BÙNMI: Wọ́n ti sún un síwájú ní wákàtí kan ní Sọ́ńdè, ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Àwa níbí, ó di ọjọ́ 29. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wákàtí 4 ló wà láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Tòróńtò, kì í ṣe 5. Aago 10 wọn ti di aago 2 wa.

WÁLÉ: Kàlẹ́ńdà orí fóònù kì í ha ṣe é fúnra rẹ̀ ni?

BÙNMI: Ó ṣe é! Ohun tó dùn mí nìyẹn. Àwọn ló fi ìpè náà ránṣẹ́, wọ́n fi aago wọn sí i, `America/Toronto`. Kàlẹ́ńdà fúnra rẹ̀ sún un sí aago 2, kò ṣe àṣìṣe kankan. Ìwé ńlá ara ògiri mi ni mo ń wò, èyí tí mo fi bírò kọ "Tòróńtò, 3" sí láti oṣù Kọkànlá. Ìwé kò mọ̀ pé Tòróńtò ti yí aago.

WÁLÉ: Ìwé ara ògiri yẹn, mo ti bá ẹ wí lórí ẹ̀.

BÙNMI: Ẹ ti bá mi wí, àmọ́ mi ò ní yọ ọ́. Tí mi ò bá rí ọ̀sẹ̀ mi lójú kan lára ògiri, mi ò lè ronú. Ohun tí mo ti ṣe báyìí ni pé mi ò kọ aago ìpè sí i mọ́. Mo kàn ń kọ "ìpè" sí ọ̀sán ọjọ́ náà, aago gangan wà lórí kàlẹ́ńdà nìkan. Mo sì ti fi pupa yí ọ̀sẹ̀ kan ká ní òpin oṣù Kẹwàá, torí àwa la máa kọ́kọ́ yí tiwa padà ní ọjọ́ 25, Tòróńtò á tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá.

WÁLÉ: Èkó ńkọ́?

BÙNMI: Èkó kì í yí aago. Àwa là ń súnmọ́ wọn, àwa là ń sá fún wọn. Nígbà òtútù wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa, nígbà ẹ̀rùn a jọ dọ́gba. Màmá mi ò tíì gbà bẹ́ẹ̀ o. Ó ní àwa ará Lọ́ńdọ̀nù la máa ń...

WÁLÉ: "Ẹ̀yin lẹ máa ń pẹ́ dìde." (Ẹ̀rín.) Màmá!

BÙNMI: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ń gbọ́ wa. Wọ́n tún máa pè mí ní aago 10 àárọ̀, torí "ilé lo ṣáà wà."

WÁLÉ: "Ilé lo ṣáà wà." Àwọn aládùúgbò mi náà gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹrù òpópónà wa, ilẹ̀kùn mi ni wọ́n ń kó o wá. Lánàá, bàtà, oúnjẹ ajá, àti tábìlì kan tó gùn jù mí lọ.

BÙNMI: Ẹ gba tábìlì náà?

WÁLÉ: Mo gbà á. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń rìn kọjá. Ó yá, padà sí Tòróńtò.

BÙNMI: Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà, a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ náà ni mo jókòó ṣírò ọ̀sẹ̀ mi. Mo rí i pé aago kọ́ ló ni ẹ̀bi tán. Ọ̀sẹ̀ náà ti kún dé ẹnu kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí kì í bá ṣe aago, nǹkan mìíràn ni ì bá dà á nù.

WÁLÉ: Ṣàlàyé.

BÙNMI: Mo máa ń gé ọ̀sẹ̀ mi sí abala wákàtí méjì méjì, iṣẹ́ àfọkànṣe nìkan ló ń wọ inú abala. Ọjọ́ Ajé gba mẹ́ta, mi ò gba ìpè rárá lọ́jọ́ yẹn. Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ gba méjì méjì. Ẹtì gba ọ̀kan. Mẹ́wàá nìyẹn, 20 wákàtí. Ọ̀sán Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni ìpè, aago 2 sí 5, torí ìgbà yẹn ni Tòróńtò ń jí, tí Èkó kò sì tíì lọ sílé. Ímeèlì, ínfọ́ìsì àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ á gba ìyókù.

WÁLÉ: Àwọn èèyàn á ní, 20 wákàtí péré? Èèyàn ń fi 40 ṣiṣẹ́.

BÙNMI: Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n wo iye wákàtí tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ gan-an láìdìde, láìgbé fóònù. Èmi kọ ọ́. Mi ò kọjá 20 rí. Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe: Tòróńtò fẹ́ 10 wákàtí, ojú ìwé ìkànnì tí èèyàn á ti máa sanwó fún ṣọ́ọ̀bù wọn là ń tún ṣe. Ilé ìwé Èkó fẹ́ 6. Oníṣègùn eyín ní ìlú Líìdì fẹ́ 4. Àròpọ̀ rẹ̀?

WÁLÉ: 20.

BÙNMI: 20 géérégé! Inú mi dùn, mo ní ó wọlé. Kò sí àyè fún ìyípadà aago, kò sí àyè fún ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ọ̀sẹ̀ kẹfà sì nìyẹn tí mi ò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo láti wá iṣẹ́ tuntun.

WÁLÉ: Ibẹ̀ ni mi ò ti bá ẹ dọ́gba. Ẹni tó ní oníbàárà mẹ́ta, kí ló tún ń wá kiri? Parí èyí tó wà lọ́wọ́ ná. Èmi kì í wá iṣẹ́ àyàfi tí èyí tó wà lọ́wọ́ mi bá ń tán.

BÙNMI: Bọ̀dá Wálé. Ẹ rántí oṣù Kẹjọ yín?

WÁLÉ: Má dé ibẹ̀.

BÙNMI: Mo máa dé ibẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ ṣírò rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà lónìí. Kí wọ́n tó dáhùn, ọ̀sẹ̀ kan. Kí a tó sọ̀rọ̀, kí n tó kọ iye owó ránṣẹ́, kí wọ́n tó gbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́, wọ́n ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti san án. Ọ̀sẹ̀ 12 nìyẹn! Lẹ́tà tí mi ò kọ nínú oṣù Kẹta, oṣù Kẹfà ni àpò mi á mọ̀ ọ́n.

WÁLÉ: O lè gba owó díẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

BÙNMI: Mo ń gba ìdajì, ó sì ń ràn mí lọ́wọ́. Kò mú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn kúrò.

WÁLÉ: ...Oṣù Kẹjọ yẹn, oṣù méjì ni mo fi jẹ ẹ̀wà.

BÙNMI: Ẹ̀wà tí ẹ gbé wá sí ilé mi, tí ẹ ní ara líle lẹ ń wá!

WÁLÉ: (Ẹ̀rín.) Ó ṣe ara lóore lóòótọ́ o. Ó dáa, mo gbà. Ibo lo wá fi lẹ́tà sí?

BÙNMI: Abala àkọ́kọ́ ní Ọjọ́rú. Mo kọ orúkọ ara mi sí i lára ògiri, bí ẹni pé oníbàárà kẹrin ni mí. Lẹ́tà méjì péré, mo sì ń ka ìkànnì ẹni náà dáadáa kí n tó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo fi abala ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀ lófìfo. Ó ku abala mẹ́jọ fún oníbàárà, wákàtí 16.

WÁLÉ: Wọ́n sì ń fẹ́ 20.

BÙNMI: Ẹni kan ò ní wọlé. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ni mo ti ní láti mọ ẹni náà, kì í ṣe alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí ojú mi ti pọ́n. Líìdì ni, torí kò sí ohun tó ń dúró de tiwọn, ṣùgbọ́n Tòróńtò ti kéde ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó. Mo kọ̀wé sí Líìdì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé pé Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tiwọn á dé. Ṣé ẹ mọ ìdáhùn wọn? "Ó dára, ẹ ṣeun." Ó tán! Tí mo bá sọ ọ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìjà ni.

WÁLÉ: Èmi ì bá ti fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Ajé, Tòróńtò. Ìṣẹ́gun, Èkó. Ọkàn ò ní máa fò láti ibì kan sí ibòmíràn.

BÙNMI: Mo dán an wò. Èkó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́jọ́rú, mo ní kí wọ́n dúró de Ìṣẹ́gun. Ọ̀gá ilé ìwé pè mí lórí Wọ́sáàpù lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ó rò pé mo ti gba owó sá lọ.

WÁLÉ: (Ẹ̀rín.) Èkó ò ní dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun! Àmọ́ ọ̀rọ̀ mi kò burú. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sophie Leroy ṣe ìwádìí rẹ̀ ní 2009. Tí o bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí tí o bọ́ sí òmíràn, apá kan ọkàn rẹ ṣì wà nídìí ti àkọ́kọ́.

BÙNMI: Mo gbà ìyẹn. Ìdí rẹ̀ tí mi ò fi ń po oníbàárà méjì pọ̀ ní àárọ̀ kan nìyẹn. Kí n sì tó dìde nídìí abala, mo ń kọ ìlà kan: ibi tí mo dúró sí, ohun tó kàn. Ó ń jẹ́ kí n lè wọ inú ìpè láìgbé bọ́tìnnì ìsanwó Tòróńtò lọ́kàn lọ sọ́dọ̀ Èkó.

WÁLÉ: Èkó á gba ọ̀sán Ìṣẹ́gun nìkan?

BÙNMI: Mi ò béèrè "ìgbà wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?" mọ́. Mo ń sọ pé: "Ìṣẹ́gun aago 2 ni àbí Ọjọ́bọ̀ aago 3?" Wọ́n ń mú ọ̀kan. Tí wọ́n bá pè lójijì, mo ń kọ̀wé pé mo rí ìpè yín, mo á dáhùn ní aago 1. Mo sì ń dáhùn ní aago 1 lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí mo bá pẹ́ dé aago 3, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè.

WÁLÉ: Dúró, ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn mi.

BÙNMI: Ẹ má gbà á o! Bọ̀dá Wálé! ...Ó ti lọ. Ẹ̀yin èèyàn wa, ó ti lọ gbà á.

WÁLÉ: (Láti ọ̀nà jíjìn.) Bùnmi, àga tó bá tábìlì yẹn lọ ni. Mẹ́rin!